Ìwé Tí Ilé-Iṣẹ́ Kékeré Yóò Tò Kí Ó Tó Bèèrè Owó Ìṣòwò ní Báǹkì

Ìwé ẹ̀rí CAC, nọ́ńbà owó orí, BVN àti ìnfọ́ísì ẹrù tí a fẹ́ rà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wá. Àwọn wọ̀nyí kò ṣòro. Ìwé méjì tí báǹkì máa ń tú wò dáadáa ni sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì, àti ìṣirò owó tí yóò wọlé àti èyí tí yóò jáde lóṣooṣù.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ká ní ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan wà ní Dàda Estate, Òṣogbo, tí ó ti ní ìwé NAFDAC, tí ó sì fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun ní ₦1,200,000.

Báǹkì sábà máa ń bèèrè sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń pa ₦600,000 lóṣù, ṣùgbọ́n tí ₦200,000 péré ń wọ àkáǹtì, ₦200,000 ni báǹkì yóò gbàgbọ́. Owó tí a yá, tàbí èyí tí a fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì wa kan sí èkejì, wọn kì í kà á mọ́ ọjà títà. Nítorí náà, kí a ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé, kí a sì máa san owó ọjà sínú rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú.

Ìṣirò ló kàn. Ká ní a lọ sí báǹkì tí kì í gba èlé, bíi Jaiz. Nínú Múrábáhà, báǹkì yóò ra ẹ̀rọ náà, yóò sì tà á fún wa pẹ̀lú èrè tí a jọ mọ̀. Ká ní ó tà á ní ₦1,380,000 fún oṣù 12: ₦115,000 ni a ó máa san lóṣù.

Ní àsìkò òjò, omi kì í tà tó ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ká ní ₦50,000 ló wà lọ́wọ́ nígbà tí oṣù Júláì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn owó ọ̀rá, iná àti òṣìṣẹ́, Júláì mú ₦80,000 wá, Ọ́gọ́ọ̀sì sì mú ₦70,000. Bí a bá san ₦115,000 ní Júláì, ₦15,000 ló kù. Ní Ọ́gọ́ọ̀sì, gbèsè ₦30,000 ni. Ọdún náà lè ní èrè, síbẹ̀ owó tán lọ́wọ́ wa.

Bí a bá tọrọ oṣù 18, tí iye rẹ̀ sì di ₦1,440,000, ₦80,000 ni a ó máa san. Júláì yóò parí pẹ̀lú ₦50,000, Ọ́gọ́ọ̀sì pẹ̀lú ₦40,000. Ẹrù náà wọ́n sí i, ṣùgbọ́n a lè san án. Kí a tó fọwọ́ sí ìwé ni kí a sọ èyí, torí iye Múrábáhà kì í yí padà lẹ́yìn àdéhùn.

Kí a tó gbé ìwé lọ, kí a wo ohun méjì: kí owó tó kù ní ìparí oṣù kankan má ṣe lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, kí owó ọjà tí a kọ sínú ìṣirò sì bá ohun tó wà nínú sítétímẹ́ǹtì mu.