Alárinà Iṣẹ́

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó jáde ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Àkúrẹ́, ní kí n bá òun wo lẹ́tà kúkúrú kan tí òun fẹ́ fi wáṣẹ́ lórí LinkedIn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ń ra kòkó ní Oǹdó, ní kí n túmọ̀ rẹ̀ kí àwọn náà gbọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ló kọ ọ́ sí? Agbanisíṣẹ́ kọ́, torí ẹni náà kọ́ ló máa san owó oṣù. Ilé-iṣẹ́ ló rán an pé kó wá ènìyàn wá. "Abániwáṣẹ́" tún yí ọ̀rọ̀ po: yóò dà bíi pé ọmọ náà ló ń bá wáṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé alárinà kọ́ nìyẹn?" Alárinà ni lóòótọ́, èyí tí ìdílé ọkọ rán. Ohun tó máa lọ sọ nílé ló ń wá.

Ọ̀rọ̀ kejì ni iṣẹ́ tó fẹ́. Mo kọ́kọ́ pè é ní "ipò", ṣùgbọ́n ipò ń rùn bí oyè. "Iṣẹ́ tí mò ń wá" ló kù. Àṣé ọmọ náà kò dárúkọ iṣẹ́ kankan, "iṣẹ́ yòówù" ló kọ. Orúkọ iṣẹ́ ni alárinà fi ń wá ènìyàn; ibo ni yóò fi "yòówù" sí?

Ẹ̀kẹta ló le jù: ohun tó ní tí wọn ò fi ní kábàámọ̀ rẹ̀. "Iye mi" yóò dà bíi pé ó ń dá owó lé ara rẹ̀. "Iyì mi" jẹ́ ìgbéraga. "Ìwúlò" súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Mo wá sọ pé "ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe". Ẹ̀gbọ́n mi bi í kíákíá pé, "Kí lọwọ́ ẹ wá ṣe?" Ó ní ní ibi tí òun ti kọ́ṣẹ́, òun máa ń gé hóró kòkó 300 láti inú ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí òun lè ka èyí tó bu àti èyí tí kòkòrò jẹ, àpò tí oníbàárà ń dá padà sì ti dín kù. Kò sí èyí nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀!

A tún un kọ:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Iṣẹ́ àyẹ̀wò kòkó ni mò ń wá, ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. Láàárín oṣù 6, àpò kòkó tí oníbàárà ń dá padà dín kù láti 9 sí 2 lọ́wọ́ mi. Ṣé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín?"

Ẹni tí kò sanwó fún LinkedIn, àmì 200 péré ló lè fi kún ìbéèrè pé kí ẹnì kan gba òun lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Lójú, tiwa jẹ́ bí 160 pẹ̀lú àlàfo. Ṣùgbọ́n "ẹ́" tàbí "ọ̀" kan ṣoṣo, méjì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń kà á sí, torí ohùn orí rẹ̀ dá dúró. Yorùbá ń san owó orí lórí ohùn.

Ọmọ náà dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n inú ẹ̀gbọ́n mi kò dùn sí ìkíni náà. Wọ́n ní wọn kì í fi ahun kí alárinà. Mo ní àyè ṣì wà fún "ẹ kú iṣẹ́". Fún "bàbá ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́", kò sí.