Láti RM sí MR: Ìtumọ̀ Ìwé Ìjáde Aláìsàn láti Àjàṣẹ́ sí Ìbàdàn

Ẹni tó gba ìtọ́jú ní Àjàṣẹ́, tó fẹ́ máa bá a lọ ní Ìbàdàn, ìwé tí wọ́n fi Faransé kọ ni yóò gbé fún dókítà tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn gígùn kì í sábà da olùtumọ̀ láàmú níbẹ̀. Ìkékúrú ló burú. Mo hun àpẹẹrẹ kan láti fi hàn: obìnrin kan tí ibà tó tẹ̀lé ọ̀fun dídùn nígbà èwe ti ba ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ nìyí:

```
RM serré, FA
Sintrom 4 mg : 1/4 cp le soir
Créatinine : 14 mg/L
```

FA ń sọ pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. RM ń sọ pé ilẹ̀kùn apá òsì ọkàn há. Olùtumọ̀ tó ń kánjú yóò yí lẹ́tà méjèèjì po, yóò kọ MR. Àìsàn ti yí padà nìyẹn! Ní Gẹ̀ẹ́sì, MR ni ilẹ̀kùn tí kì í pa dé, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbabẹ̀ padà sẹ́yìn. IM ni Faransé ń pe ìyẹn. MS ló bá RM mu, ṣùgbọ́n MS tún jẹ́ orúkọ àìsàn iṣan ara kan, nítorí náà ẹ kọ orúkọ náà ní kíkún.

Àṣìṣe yìí lè yí oògùn padà. Ìwádìí INVICTUS, tó jáde ní 2022, fi hàn pé láàárín irú aláìsàn yìí, àwọn tó lo oògùn àtijọ́ tó ń dènà fítámì K kú kéré sí àwọn tó lo oògùn tuntun tí wọ́n fi wé e. Dókítà tó bá ka MR lè rò pé tuntun náà tọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ti àtijọ́ ni Sintrom. Ẹ fi orúkọ ọjà yìí sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogboogbò rẹ̀, acenocoumarol, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i rà ní Ìbàdàn, dókítà ni yóò pààrọ̀ rẹ̀ sí wáfárìn, kì í ṣe olùtumọ̀, torí mílígíráàmù kan ti èyí kò bá mílígíráàmù kan ti ìyẹn dọ́gba. 4 mg náà kò gbọdọ̀ sọnù: oníhóró 1 mg wà pẹ̀lú, ìdá mẹ́rin rẹ̀ kò sì ju 0.25 mg lọ.

Ní ti kiriatíníìnì, 14 mg/L jẹ́ 1.4 mg/dL, ìyẹn bíi 124 µmol/L. Bí òṣùwọ̀n bá já bọ́, ẹni tó mọ mg/dL nìkan yóò ka 14, yóò sì rò pé kíndìnrín ti kú. Ẹ kọ ti ìwé náà bó ṣe wà, kí ẹ fi ìṣirò yín sínú àkámọ́ tí ẹ buwọ́ lù.

Ìkékúrú tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ dà á kọ bó ṣe rí, kí ẹ sì pe dókítà tó fọwọ́ sí ìwé náà ní Àjàṣẹ́.