Ipò Agbára Pílánẹ́ẹ̀tì

Kí awòràwọ̀ tó sọ ohun tí pílánẹ́ẹ̀tì kan lè ṣe, ó máa ń kọ́kọ́ wo èwo nínú àmì méjìlá ojú ọ̀run ló wà. Èyí tó wà nínú àmì tirẹ̀ wà nílé, bí baálé tó ń pàṣẹ nínú àgbàlá ara rẹ̀. Àmì tó dojú kọ ilé náà ni ibi ìnira rẹ̀. Àmì mìíràn wà tí í ṣe ibi ìgbéga rẹ̀, èyí tó sì dojú kọ ọ́ ni ibi ìṣubú. Oòrùn, fún àpẹẹrẹ, ń gbé inú Kìnnìún, ìgbéga rẹ̀ wà nínú Àgbò, ó sì ń ṣubú nínú Òṣùwọ̀n.

Ní 1647, Wílíàmù Lílì, awòràwọ̀ ará Lọ́ńdọ̀nù, gbé máàkì lé wọn: ilé gba 5, ìgbéga gba 4, a ó yọ 5 fún ìnira, a ó sì yọ 4 fún ìṣubú.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wo ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960, nígbà tí wọ́n ta àsíá Nàìjíríà ní pápá ìsáré ẹṣin ní Èkó. Oòrùn wà nínú Òṣùwọ̀n, Máàsì wà nínú Akàn: àwọn méjèèjì ṣubú. Àgùàlà wà nínú Àkeekèé, ibi ìnira rẹ̀. Ṣùgbọ́n Júpítà wà nílé nínú Tafàtafà, Sátọ̀n náà sì wà nílé nínú Ewúrẹ́. Bákan náà ló rí fún ẹni tó wà ní Ìlútítun nílẹ̀ Ìkálẹ̀ lóru ọjọ́ náà, nítorí ibi téèyàn dúró sí kì í yí àmì pílánẹ́ẹ̀tì padà. Ìwọ̀n àmì tó ń yọ ní ìlà oòrùn ló fi díẹ̀ yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á rí ìṣubú, wọ́n á sì dá ìṣirò dúró. Àwọn àmì tún pín sí ìdílé mẹ́rin, iná, ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi, pílánẹ́ẹ̀tì tó bá sì jẹ́ olórí ìdílé tó wà gba 3. Lọ́dọ̀ Lílì, Máàsì ni olórí ìdílé omi tọ̀sán tòru. Akàn sì jẹ́ àmì omi, nítorí náà àdánù 4 Máàsì dín kù sí 1. Júpítà ni olórí ìdílé iná lóru, òru sì ni òmìnira dé, nítorí náà 5 rẹ̀ di 8. Ká ní ọ̀sán ni, Oòrùn ni ì bá gba 3 náà bó bá wà nínú àmì iná, Júpítà ì bá sì dúró lórí 5.

Sáyẹ́ǹsì kò tíì fi hàn pé máàkì wọ̀nyí ń sọ àtúbọ̀tán orílẹ̀-èdè kankan. Láàárín àwọn awòràwọ̀ pàápàá, ohun kan wà tó lè da gbogbo ìṣirò náà rú. Àwọn ará Íńdíà ń fi ìràwọ̀ fúnra wọn wọn ojú ọ̀run, ní 1960, àmì wọn sì fi bí ìwọ̀n 23 yàtọ̀ sí ti Lílì. Lọ́dọ̀ wọn, Àgùàlà òru ọjọ́ náà bọ́ sínú Òṣùwọ̀n, tí í ṣe ilé rẹ̀ gan-an, Sátọ̀n sì kúrò nílé. Bí awòràwọ̀ bá sọ fún yín pé pílánẹ́ẹ̀tì kan lágbára, ẹ kọ́kọ́ bi í pé irú ìwọ̀n wo ló lò.