Ẹnu Òrofó: Wíwá Iṣẹ́ Mìíràn ní Katako Láì Jẹ́ Kí Ọ̀gá Gbọ́

"Ẹnu òrofó ní í pa òrofó, òrofó bí ọmọ mẹ́fà, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́." Ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́ ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹjú mọ́ ọn, òwe náà kò ní kí òrofó má bímọ, kò sì ní kí ó má ké rárá. Ẹyẹ tí kò bá ké kì í rí ẹnì kejì. Ohun tó pa òrofó ni pé ó ké láì wo ẹni tó wà lábẹ́ igi.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tó sì ń wá òmíràn. Bí kò bá sọ fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ kò ní wá bá a nílé. Bí ó bá sì sọ níbi tí kò yẹ, ó lè pàdánù èyí tó wà lọ́wọ́ kí ó tó rí èyí tó ń lé. Mo fẹ́ fi Katako ṣe àlàyé rẹ̀, ọjà pákó, irin, páànù àti ohun èlò ìkọ́lé ní Niamey, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti lè rí i kedere bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láti ẹnu dé etí.

Ká mú ọ̀dọ́kùnrin Yorùbá kan tó jẹ́ akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù irin àti páànù. Òun ló ń kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, òun ló di kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rù mú. Ó gbọ́ Yorùbá, Hausa àti Faransé. Ọ̀gá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alàájì, ló ń san owó ilé tó ń gbé. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS fi òfin de orílẹ̀-èdè náà, ààlà Malanville àti Gaya sì tì, èyí tí ẹrù láti èbúté Kutọnu máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀, tí ẹrù kò wọlé tí páànù sì ń tán lórí igi, ni akọ̀wé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé òun ìbá rí ilé iṣẹ́ tó ń kọ́lé, kí òun máa tọ́jú ilé ìkẹ́rù wọn. Kò bá Alàájì jà. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà níta.

Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ fún? Ọkàn rẹ̀ yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn ará ilé: ẹ̀gbọ́n tó mú un wá sí Niamey, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà. Èmi rò pé àwọn gan-an ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ọ̀tá. Ìfẹ́ gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n tó bá fẹ́ràn rẹ yóò pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò ní, "Àbúrò mi kan wà níbí, ọmọ tó mọ̀wé, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń sú u." Ọ̀rẹ́ náà yóò béèrè pé ọ̀dọ̀ ta ló ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ Alàájì ti jáde. Nítorí pé ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ní láti bi ẹnì kan léèrè nípa ìwà ẹni tó fẹ́ gbà, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ni yóò bi, ẹni náà sì ni Alàájì. Nítorí náà, kì í ṣe ẹnu ẹni tí o sọ fún nìkan ni kí o bẹ̀rù. Ìbéèrè tí ẹni náà máa lọ bi ẹlòmíràn ló sábà máa ń tú àṣírí.

Ohun tó yẹ kó tu akọ̀wé wa nínú ni pé àwọn tó sún mọ́ ọn jù kọ́ ló sábà ń mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Mark Granovetter, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1973. Ó bi àwọn ọkùnrin tó ti pààrọ̀ iṣẹ́ ní ìlú Newton, ní Massachusetts, nípa ẹni tó fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n. Nínú àwọn tó gba ọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ rí iṣẹ́, kò tó 17 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń rí ẹni náà ní ìgbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Ó lé díẹ̀ ní 55 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kàn ń bá a pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 28 sì wà tó jẹ́ pé agbára káká ni wọ́n fi ń rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àlàyé rẹ̀ yéni: ohun tí ẹni tí a jọ ń jẹun mọ̀, àwa náà ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó wà ní ọ̀nà jíjìn ló mọ ohun tí a kò tíì gbọ́. Newton kì í ṣe Niamey, àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ní Katako fún ọdún kan mọ̀ pé ìròyìn kan náà ló ń yí ká láàárín àwọn Yorùbá ibẹ̀.

Àwọn wo ló wà ní ọ̀nà jíjìn fún akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù irin? Mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Alàájì tẹ́lẹ̀ tó ti lọ, bí ó bá lọ ní ìrọ̀rùn tí òun àti Alàájì kò sì bá ara wọn ṣòwò mọ́. Ìkejì ni aṣojú tó ń bá àwọn oníṣòwò tú ẹrù lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù, nítorí pé oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló ń wọ̀. Ìkẹta, tó mú jù tó sì léwu jù, ni òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìkọ́lé tó máa ń wá gba ìwé iye owó, èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní porofọ́mà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni ó sábà máa ń wọ̀ kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó lè fi owó wọn wéra. Ó mọ ẹni tí ilé ìkẹ́rù rẹ̀ dàrú, ó mọ ẹni tí akọ̀wé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n oníbàárà Alàájì ni. Bí akọ̀wé bá bá a sọ̀rọ̀ lójú tábìlì ìtajà, a jẹ́ pé ó ń fi àkókò ọ̀gá rẹ̀ wá iṣẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń wọn irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ní etí.

Ibi tí wọ́n ti máa sọ̀rọ̀ ní láti jìnnà. Ẹni tó bá kọjá afárá Kennedy sí apá Harobanda lọ́jọ́ ìsinmi ti kúrò lójú àwọn tó ń ṣọ́ Katako. Ohun tí yóò sọ níbẹ̀ tún ṣe pàtàkì ju ibi náà lọ. Kí ó má tọrọ iṣẹ́. Kí ó béèrè nípa iṣẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ilé iṣẹ́ yín ṣe ń ka ẹrù? Ìwé wo ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ilé ìkẹ́rù?" Ẹni tí a tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní in yóò wá ẹlòmíràn tó lè gbé ẹrù náà lé lórí. Ẹni tí a bi ní ohun tó mọ̀ yóò dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀, kò sí ohun tó máa gbé kiri. Bí ó bá wá fúnra rẹ̀ sọ pé ààyè kan ń bọ̀, ìgbà náà ni akọ̀wé yóò sọ gbólóhùn kan tí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni náà fún mi." Gbólóhùn yìí nìkan ń dí ihò tó pọ̀ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbúra lọ, nítorí pé ó fi ohun kan pàtó lé ẹni náà lọ́wọ́ láti ṣe. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni" kò sọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí wọ́n bá bi í.

Ìwé tí a fi ń tọrọ iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ tètè jáde. Bí a bá ti fi í ránṣẹ́ lórí fóònù, ìṣẹ́jú kan tó láti fi tì í sọ́wọ́ ènìyàn márùn-ún. Kí ó dúró títí iṣẹ́ kan pàtó yóò fi wà, kí ó sì kọ sínú rẹ̀ pé "ṣọ́ọ̀bù irin kan ní Niamey" dípò orúkọ Alàájì. Kí àwọn ẹlẹ́rìí ìwà rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àtijọ́ tàbí olùkọ́, kí ó sì sọ ọ́ ní tààrà pé wọ́n lè bi ọ̀gá òun ti ìsinsìnyí léèrè lẹ́yìn tí ìwé ìgbani-síṣẹ́ bá ti wà lọ́wọ́ òun.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí fóònù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ṣọ́ra ní gbogbo ọ̀nà ti ń ṣubú. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló ti ṣí WhatsApp wọn lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù láti fi ìwé iye owó ránṣẹ́. Tí wọn kò bá tì í, gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ nílé lálẹ́ ni ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà láàárọ̀ lè kà. Kí ó lọ sí Linked devices lórí fóònù rẹ̀, kí ó wo ohun tó wà níbẹ̀, kí ó yọ èyí tí kò yẹ. Bákan náà ni ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n ti ń pín ìròyìn iṣẹ́: gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló lè rí nọ́ńbà rẹ̀, àbúrò Alàájì sì lè wà níbẹ̀. Fún àwọn tó ń lo LinkedIn, ààyè wà láti jẹ́ kí àmì Open to work hàn sí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ nìkan, LinkedIn a sì gbìyànjú láti fi í pamọ́ fún àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí ènìyàn wà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣèlérí pé kò ní jò rárá.

Ṣé ìwà ọ̀dàlẹ̀ kọ́ ni gbogbo èyí? Mo ti gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àgbàlagbà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, pàápàá nígbà tó jẹ́ ọ̀gá ló ń gba ilé fún ọmọ iṣẹ́. Ìdáhùn mi ni pé ènìyàn ló ni ọ̀la rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá. Ohun tó jẹ́ ti ọ̀gá ni orúkọ àwọn oníbàárà, iye tó ń ra ọjà, àti àkókò iṣẹ́. Ẹni tó bá ya fọ́tò ìwé oníbàárà pamọ́ kí ó tó lọ ti jalè. Ẹni tó bá pa ìrònú rẹ̀ mọ́ kò jí nǹkan kan.

Bí ó bá sì jò ńkọ́? Àmì rẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Alàájì á ní kí wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ kejì. Ọmọ tuntun kan á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìṣirò láti kọ́ ọ. Nígbà tí Alàájì bá bi akọ̀wé ní tààrà, kí ó má parọ́, nítorí pé irọ́ náà ni wọ́n máa rántí ju ìwákiri lọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, Alàájì, mo ń bi àwọn ènìyàn léèrè. N kò tíì gba iṣẹ́ kankan. Bí mo bá máa lọ, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́." Kí ó sì ti wá ibi tí yóò gbé sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀ yẹn.

Bí iṣẹ́ bá ti jáde, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́, àṣírí ti parí. Láti ìgbà òfin iṣẹ́ tí Faransé ṣe fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1952 ni òṣìṣẹ́ tó wà nínú àkókò ìkìlọ̀ ìfiṣẹ́sílẹ̀ ti ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ pẹ̀lú owó láti fi wá iṣẹ́ mìíràn, irú ètò bẹ́ẹ̀ sì wà nínú òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó jogún rẹ̀. Ṣáájú ìkìlọ̀ náà, àkókò ara ẹni nìkan ni kí ó lò. Alàájì ni kí ó kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì jọ ka páànù, ọ̀pá irin àti ìṣó tó wà nílé ìkẹ́rù, kí wọ́n buwọ́ lu iye rẹ̀, kí akọ̀wé mú ẹ̀dà kan, kí ó sì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tó sọ ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde àti iṣẹ́ tó ṣe.