Àwòkọ́ṣe, Ìwòkọ́ àti Kóríyá Àfojúrí

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ Oòduà bá fẹ́ kọ̀wé ní èdè baba wa lórí bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń ti ara olùkọ́ àti ti ọmọ kíláàsì rẹ̀ mú ìwà, kì í kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí Yorùbá ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ìwé Òyìnbó tó dé. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni yóò gbé síwájú, tí yóò tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì gbé ohun tí ó tú jáde lé wa lọ́wọ́ pé èdè-ìperí ni. Bẹ́ẹ̀ ni ‘ìmúlágbára aláròpò’ ṣe lè wọ ìwé, tí olùkọ́ tí ó ti lo ogún ọdún níwájú pátákó yóò kà á tán láì mọ̀ pé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì òun lójoojúmọ́ ni a ń sọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nílé.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò ní wàhálà nínú. Mo fara mọ́ ‘tíọ́rì’, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé wa ti lò ó títí ó fi di ọmọ ilé bí tábìlì àti kíláàsì. ‘Ìhùwàsí’ tó fún ohun tí ènìyàn ń ṣe tí ojú ń rí. Nǹkan mẹ́rin tí Albert Bandura, ọ̀mọ̀wé ọmọ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1977 pé wọ́n gbọ́dọ̀ pé kí ènìyàn tó lè ṣe ohun tí ó rí lára ẹlòmíràn, wọ́n rọrùn láti pè: ìfiyèsí, ìpamọ́ sínú iyè, agbára-àtiṣe àti ìfẹ́-àtiṣe. Orúkọ tíọ́rì náà fúnra rẹ̀ ni ó gba ìṣọ́ra díẹ̀, nítorí pé ‘ẹ̀kọ́ àwùjọ’ ti di orúkọ iṣẹ́ kan tí à ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé. ‘Tíọ́rì ìkẹ́kọ̀ọ́ láwùjọ’ ni mo yàn, torí pé ibi tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ni ‘láwùjọ’ ń sọ, kì í ṣe ohun tí à ń kọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni orúkọ ẹni tí ọmọ ń wò. Àwọn kan fẹ́ ‘àpẹẹrẹ’, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ni ti ìṣirò, àpẹẹrẹ ni ti aṣọ. Àwọn mìíràn fẹ́ ‘ìfarawé’, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń fara wé ènìyàn ti mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun fẹ́ dà bí i rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwà ni ó ń wọ ọmọ lára láìjẹ́ pé ó pète rẹ̀. ‘Ìsínjẹ’ ní tirẹ̀ kò jìnnà sí ẹ̀gàn, nítorí ọmọ tí ó ń sín olùkọ́ jẹ lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: àwòkọ́ṣe. Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì tò bí iṣẹ́ náà ṣe ń tò gan-an: a wò, a kọ́, a ṣe. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ‘wò’ há mọ́ ojú nìkan, nítorí Yorùbá a máa tọ́ ọbẹ̀ wò, a máa gbọ́ orin wò, a sì máa fọwọ́ kan nǹkan wò.

Ẹwà tí ó pọ̀ jù lọ wà nínú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ̀wé ni akọ̀wé, iṣẹ́ rẹ̀ ni ìkọ̀wé, ohun tí ó kọ ni àkọsílẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà, ẹni tí ọmọ ń wò, ìbáà ṣe olùkọ́ tàbí ọmọ kíláàsì, ni àwòkọ́ṣe. Ọmọ tí ó ń wo ẹni náà ni awòkọ́ṣe. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ni ìwòkọ́ṣe. Gbòǹgbò kan ṣoṣo bí orúkọ mẹ́ta fún wa, láìyá ẹyọ kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹni tí ó bá sì fi àmì ohùn sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ yóò sọ olùkọ́ di akẹ́kọ̀ọ́ láàárín gbólóhùn kan.

A ó wí fún mi pé àwòkọ́ṣe rere ni à ń sọ, pé ẹni rere nìkan ni orúkọ náà tọ́ sí. Lóòótọ́ ni ó wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ‘àwòkọ́ṣe’ bá ti ní rere nínú ni, kí ni a tún ń fi ‘rere’ kún un sí? Àwọn baba wa tí wọ́n sọ pé àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ pé à ń wo búburú kọ́ bí a ti ń wo rere kọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta tí ó so pọ̀ nínú ‘àwòkọ́ṣe’ yìí ní ìṣòro kan, ìdánwò tí Bandura tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1965 ni ó sì fi í hàn. Ó kó ọmọ 66 jọ láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi ti Stanford, ọkùnrin 33 àti obìnrin 33, tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta ààbọ̀ títí dé bí ọdún mẹ́fà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wo fíìmù nínú tẹlifíṣọ̀n fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún: ọkùnrin kan pàṣẹ fún ọmọláńgidi ńlá tí a fẹ́ atẹ́gùn sí pé kí ó yà lọ́nà; nígbà tí kò yà, ó gbé e dùbúlẹ̀, ó jókòó lé e, ó gbá a ní ìkúùkù nímú; ó fi òòlù onígi lù ú lórí; ó ta á nípàá kiri yàrá; ó sì ń sọ bọ́ọ̀lù rọ́bà lù ú, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó bá ìṣe kọ̀ọ̀kan lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ àti ìṣe wọ̀nyí ṣàjèjì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ó bá ṣe wọ́n, a mọ ibi tí ó ti kọ́ wọn.

Ìparí fíìmù náà ni kò dọ́gba. Àwọn ọmọ ọ̀wọ́ kìíní rí i tí àgbàlagbà kejì wọlé tí ó kí ọkùnrin náà pé akọni ni, tí ó fún un ní súìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀wọ́ kejì rí i tí àgbàlagbà náà bá a wí tí ó sì fi ìwé ìròyìn tí a ká nà án. Ọ̀wọ́ kẹta kò rí ìyìn tàbí ìyà kankan. Lẹ́yìn èyí, a fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú yàrá tí irú ọmọláńgidi bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn tí ó rí ìyà kò ṣe tó àwọn yòókù, pàápàá jù lọ àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò sọ pé wọn kò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń darí ìdánwò náà tún wọlé tọ̀ wọ́n, ó ṣèlérí omi èso àti àwòrán alálẹ̀mọ́ fún wọn lórí ohunkóhun tí wọ́n bá lè fi hàn nínú ohun tí ọkùnrin náà ṣe. Lójú kan náà ni ìyàtọ̀ àárín ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pòórá, tí ìyàtọ̀ àárín ọkùnrin àti obìnrin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gbogbo wọn ni ó ti wò, gbogbo wọn ni ó ti kọ́. Ṣíṣe nìkan ni ìyà tí wọ́n rí dá dúró.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a gé ọ̀rọ̀ wa kúrú níbi tí ó yẹ. Ohun tí ó ti wọlé tí kò tíì jáde ni ìwòkọ́. Èyí tí ó ti jáde ni ìwòkọ́ṣe. Bí a bá ń fi ìwòkọ́ṣe pe méjèèjì, a ó máa ka ọmọ tí kò ṣe nǹkan sí ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, àṣìṣe náà gan-an sì ni ìdánwò 1965 wá tú ká.

Ó kan ‘ìmúlágbára aláròpò’. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí wọ́n ń tú sí ‘aláròpò’ ti inú èdè Látìn wá, ẹni tí ó dúró ní ipò ẹlòmíràn ni ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gba súìtì ní ipò wọn. Wọ́n rí ohun tí ìwà náà mú bá ẹni tí ó hù ú ni, wọ́n sì fi mọ ohun tí ó lè mú bá àwọn náà. Rírí ni kókó ọ̀rọ̀, ‘àfojúrí’ sì sọ ọ́ láìlọ́. Ní ti ‘ìmúlágbára’, ènìyàn ni à ń mú lágbára, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwà ni ohun tí à ń wí yìí ń fìdí múlẹ̀. Kóríyá ni mo mú. Orí àti yá wà nínú rẹ̀: ohun tí orí ẹni fi yá láti tún nǹkan ṣe. Kì í ṣe ẹ̀bùn, nítorí ẹ̀bùn tí kò mú ọmọ tún ìwà náà hù kì í ṣe kóríyá; bẹ́ẹ̀ ni igbe tí olùkọ́ ń ké mọ́ ọmọ tí ó ń wá kí gbogbo ojú yí sí òun lè jẹ́ kóríyá gidi. Àwọn kan ń fẹ́ ‘ìwúrí’, nítorí pé ẹni tí ń wòran ni ó sábà máa ń sọ pé ‘ó wú mi lórí’. Ọ̀rọ̀ wọn dùn, ṣùgbọ́n orí lè wú kí ọwọ́ má gbé e. Kóríyá àfojúrí ni kí a pè é.

Ti ìyà kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun. Àríkọ́gbọ́n ni, èyí tí à ń wí nígbà gbogbo tí a bá ń jẹ ẹnìkan níyà lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kíyè sí ohun tí ọgbọ́n náà jẹ́. Bí ó bá na ọmọ kan nítorí pé ó ń gbá ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kíláàsì sì pa lọ́lọ́, àríkọ́gbọ́n ti dá ṣíṣe dúró, kò pa ìwòkọ́ rẹ́. Yóò mọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ìwà náà bá tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá lọ sí ọ́fíìsì, tàbí lójú ọ̀nà ilé. Ó sì ti fi ẹgba tirẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe mìíràn: àgbà tí inú bí, tí ó lu ẹni tí kò tó o.

Ọmọ ẹgbẹ́ sì lè ṣe ohun tí olùkọ́ kò lè ṣe. Ní ọdún 1985, Schunk àti Hanson tẹ èsì ìwádìí jáde nípa àwọn ọmọ tí ìyọkúrò tí a ti ń yá nọ́ńbà nira fún. Àwọn tí ó wo ọmọ ẹgbẹ́ wọn tí ó ń kọ́ ọ nínú fídíò ní ìgbàgbọ́ sí i pé àwọn náà lè ṣe é, wọ́n sì ṣe é dáadáa ju àwọn tí ó wo olùkọ́ lọ. Olùkọ́ mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ti ọmọ bí èmi ni ó ń sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá fẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀ pé ọmọ kan kò ní ìwà kan, kí ó kọ́kọ́ ṣe ohun tí a ṣe nínú ìdánwò Bandura: kí ó fún un ní kóríyá tí ó tó, kí ó ní kí ó fi í han òun. Bí ó bá fi hàn, kí ó kọ ‘ìwòkọ́ wà, ìfẹ́-àtiṣe ni kò sí’, kí ó sì wá ohun tí ọmọ náà ti rí tí ó dá a dúró. Bí kò bá fi hàn, kí ó padà wo ìfiyèsí, ìpamọ́ àti agbára-àtiṣe. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èdè wa sì ti ní orúkọ fún méjèèjì.