Ìgbékalẹ̀ ọ̀rọ̀ aláìsàn kíndìnrín tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, níbi àbẹ̀wò ìkọ́ni ní wọ́ọ̀dù

Ìgbékalẹ̀ ọ̀rọ̀ aláìsàn ni ìròyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tàbí dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè máa ń ṣe nídìí bẹ́ẹ̀dì, lójú kònsọ́tánǹtì, rẹ́jísítírà, nọ́ọ̀sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì ló ń tọ́ irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni ti Yunifásítì Bowen, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1907 lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi. Èkejì ni ti LAUTECH, tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nínú gbogbo aláìsàn tí wọ́n lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà lára àwọn tó ṣòro jù, nítorí ìtàn méjì ló wà lára rẹ̀: ìtàn bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe bàjẹ́, àti ìtàn òun àti ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ èkíní délẹ̀délẹ̀, wọn a sì gbàgbé èkejì, bẹ́ẹ̀ èkejì ló sábà máa ń gbé aláìsàn wọ wọ́ọ̀dù.

Bí wọ́n ṣe sábà ń tò ó ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí aláìsàn, iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó ń gbé, ohun tó ń ṣe é àti iye ọjọ́ tó ti ń ṣe é. Fún ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, gbólóhùn àkọ́kọ́ náà gbọ́dọ̀ gùn sí i. A ó sọ ohun tó ba kíndìnrín jẹ́, ìgbà tí fífọ ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tó yẹ kó máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ àti iye ìgbà tó ń fọ̀ ọ́ ní tòótọ́. A ó sọ ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lára rẹ̀: ṣé rọ́bà tí wọ́n kì bọ ọrùn tàbí abẹ́ itan ni, àbí fístúlà, ìyẹn iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ ní apá. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tó fọ ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn, àti ìwúwo gbígbẹ rẹ̀, tí í ṣe ìwúwo rẹ̀ nígbà tí omi àpọ̀jù kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Ìdí tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì báyìí kò fara sin. Nígbà tí kíndìnrín kò bá lè sẹ́ ju mílílítà 15 lọ ní ìṣẹ́jú kan mọ́, a ti dé ìpele karùn-ún àìsàn náà, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń nílò ẹ̀rọ láìpẹ́. Wákàtí 4, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ni ìlànà tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. Ní Nàìjíríà, níbi tí fífọ ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1981 ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Èkó, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ jù lọ fi ń san án, ìdí nìyẹn tí ẹ̀ẹ̀mẹta fi ń di ẹ̀ẹ̀kan, tí ẹ̀ẹ̀kan sì ń di ìgbà tí owó bá dé. Ní oṣù Kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé wọ́n ti dín iye rẹ̀ kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nínú méjèèjì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ará Ọ̀yọ́ Aláàfin, tí ìlú rẹ̀ wà láàrin Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́, ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí ìhà méjèèjì, ní láti fi owó ọkọ̀, ipò ọ̀nà àti bí èrò ṣe pọ̀ tó nídìí ẹ̀rọ wọn ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá béèrè nípa èyí kò tíì gba ìtàn aláìsàn rẹ̀ tán.

Àpẹẹrẹ tó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ èyí tí a tò jọ fún ẹ̀kọ́. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ìyá ẹni ọdún 52, ẹlẹ́lùbọ́ ní Ọjà Akẹ́sán ní Ọ̀yọ́, tí èémí wọn kò já gaara fún ọjọ́ mẹ́ta.” Ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wà lára wọn fún ọdún 11, ó sọ ti oògùn tí wọ́n ń lò, ó sì fi kún un pé ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin náà kú nípa àìsàn kíndìnrín. Ìbéèrè nípa ẹbí yẹn dára púpọ̀. Láti ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ìyípadà kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní APOL1, tó wọ́pọ̀ gan-an láàrin Yorùbá, ń mú kí kíndìnrín àwọn tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá lè tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kònsọ́tánǹtì dá a dúró: “Ìgbà wo ni wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ wọn kẹ́yìn?”

Akẹ́kọ̀ọ́ wo káàdì, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ló sọ pé ó ti di ọjọ́ 9. Kònsọ́tánǹtì yíjú sí ìyá náà: “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí ló dá yín dúró?” Wọ́n dáhùn pé, “Owó ni, dókítà. Ọmọ tó ń bá mi san án kò tíì gba owó oṣù.” Ohun tó wà nínú káàdì ni ohun tí dókítà pa láṣẹ, ẹnu aláìsàn àti nọ́ọ̀sì la ti lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́. Bí a bá bi aláìsàn pé, “Ṣé ẹ mu àgbo?” rárá ni yóò sọ, pàápàá lójú èrò. Bí a bá ní, “Kí lẹ ti fi kún un nílé?” ọ̀rọ̀ á jáde. Ìyá yìí kò mu àgbo, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, aládùúgbò kan ń fún omi ẹ̀fọ́ ugu fún wọn, tí wọ́n ń fi mọ́ọ̀tì pò ó mu láràárọ̀. Pọtásíọ̀mù kún inú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀, kíndìnrín tó yẹ kó tú u jáde kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Nípa ìtọ̀, dípò kí a béèrè pé ó pọ̀ tàbí kò pọ̀, a lè bi wọ́n pé ṣé ti òwúrọ̀ dé alẹ́ kún ọ̀rá píọ̀-wọ́tà kan, tó jẹ́ mílílítà 500. Wọ́n ní kò dé ìlàjì. Èyí ló sọ ìdí tí abẹ́rẹ́ Lásíìsì tí wọ́n gbà ní kílíníìkì kan kí wọ́n tó dé kò fi ṣe nǹkan kan: kíndìnrín ni oògùn náà ń bẹ̀ níṣẹ́.

Níbi àyẹ̀wò ara, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti mọ irú èémí tó ń wàhálà. Bí aláìsàn kò bá lè fẹ̀yìn lélẹ̀, tí ẹsẹ̀ wú, tí ohùn bí iyọ̀ tó ń ta nínú iná sì ń jáde nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, omi ló pọ̀ jù. Bí èémí bá jinlẹ̀ tó sì ń yára, tí ẹ̀dọ̀fóró mọ́ kedere, èròjà kíkan ló gba inú ẹ̀jẹ̀. Bí ìlù ọkàn bá ń dún lókèèrè, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ga tẹ́lẹ̀ wá lọ sílẹ̀, kí a fura pé omi ti yí ọkàn ká, ìyẹn sì kúrò ní ohun tí a ń fi fífọ ẹ̀jẹ̀ lásán yanjú. Ti ìyá yìí jẹ́ ti èkíní. Akẹ́kọ̀ọ́ tún gbàgbé láti ṣí aṣọ wo ibi tí rọ́bà ti wọ ọrùn wọn. Kò sí ọyún níbẹ̀, ibẹ̀ kò sì pọ́n, ṣùgbọ́n ó yẹ kó béèrè bóyá òtútù máa ń gbọ̀n wọ́n nígbà tí wọ́n bá ti wà lórí ẹ̀rọ díẹ̀. Òtútù tó ń dé ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kòkòrò láti inú rọ́bà, kódà bí ojú rẹ̀ bá mọ́. Ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kòkòrò ni a ó sì kọ́kọ́ gbà kí oògùn tó wọlé.

Èsì àyẹ̀wò dé: pọtásíọ̀mù 6.8, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ máa ka kirẹ́átínì, kònsọ́tánǹtì ní kó fi í sílẹ̀ ná. Kirẹ́átínì aláìsàn bẹ́ẹ̀ yóò ga dandan, kò sì ní ìtumọ̀ bí a kò bá sọ bóyá ṣáájú ẹ̀rọ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbà á. Pọtásíọ̀mù ló lè pa èèyàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Lórí ìwé tó ya ìlù ọkàn, ìgbì tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan ti ga, ó sì ṣóńṣó. Wọ́n ti fún wọn ní mílílítà 10 kálísíọ̀mù gúlúkónéètì, díẹ̀díẹ̀, láti fi dáàbò bo ọkàn. Kò dín pọtásíọ̀mù kù rárá, agbára rẹ̀ kì í sì í ju wákàtí kan lọ. Ínsúlínì yúnìtì 10 pẹ̀lú gúlúkóòsì tẹ̀ lé e, láti ti pọtásíọ̀mù wọ inú sẹ́ẹ̀lì fún wákàtí bíi mélòó kan. Nítorí pé ínsúlínì máa ń pẹ́ lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, nọ́ọ̀sì ní láti máa wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Gbogbo èyí wà láti fi ra àkókò títí ẹ̀rọ yóò fi ṣófo.

Ìṣirò omi ló kù, ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti máa ń dákẹ́ jù. Ìwúwo gbígbẹ ìyá náà jẹ́ kílò 58, kílò 63.5 ni wọ́n wọ̀n lónìí. Ara kì í sanra tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 9, nítorí náà omi lítà 5.5 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀. Rẹ́jísítírà ní kó ṣe ìṣirò: kò dára kí a fa ju mílílítà 13 lọ fún kílò kan ní wákàtí kan, nítorí omi tó wà nínú ẹran ara kò lè yára padà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. 13 lọ́nà 58 jẹ́ 754. Ní wákàtí 4, ó fi díẹ̀ lé ní lítà 3. Bí a bá fi agbára fa ju ìyẹn lọ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ẹsẹ̀ á máa fà wọ́n, ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má gbà á. Lítà 3 ni wọ́n fẹnu kò sí, kí wọ́n sì tún padà sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì fún èyí tó kù.

Wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Omi tó pọ̀ lára ti bu omi la ẹ̀jẹ̀ náà, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì gòkè díẹ̀ bí omi bá ti kúrò; ìdí gan-an tó fi lọ sílẹ̀ ni pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn kò ti gba abẹ́rẹ́ tó ń ti ara láti pèsè ẹ̀jẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn máa ń jẹ́ kí ara ṣe èròjà ìgbóguntì tó lè mú kó nira láti rí kíndìnrín tó bá a mu, bí ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ kíndìnrín bá délẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ló tún sọ̀rọ̀. Gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ìyá náà fọ ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí 4 lálẹ́ àná gba inú rọ́bà ọrùn, lítà 3 kúrò, kílò 60.5 ni wọ́n wà báyìí, wọ́n sùn lórí ìrọ̀rí kan, pọtásíọ̀mù sì jẹ́ 5.1. Ó ní kílò 2.5 ló kù, ẹ̀rọ wà fún wọn ní aago méjì ọ̀sán, ọmọ wọn sì ti san owó rẹ̀. Kònsọ́tánǹtì bi í pé ta ló ti sọ ọ̀rọ̀ omi ugu fún aládùúgbò náà.