Ohùn Tó Ń Yà Kúrò Lára Àwòrán: Ìtàn àti Àtúnṣe Rẹ̀ Nínú Ìgbàsílẹ̀ Àṣà

Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìṣòro kan tó máa ń bá ìgbàsílẹ̀ gígùn: ohùn àti àwòrán bẹ̀rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n bí àkókò ti ń lọ ni ọ̀kan ń ṣáájú èkejì. Olùwádìí ìlù àti ijó kò lè fojú fo èyí. Bí ohùn bá ṣáájú, a lè kọ ọ́ pé oníjó ló ń tẹ̀lé onílù, nígbà tó jẹ́ pé onílù ló ń wo ẹsẹ̀ oníjó.

Ìtàn Ìṣòro Náà

Ní ayé fíìmù, nígbà tí Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní ọdún 1976, àwòrán ni kámẹ́rà sábà máa ń gbà. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ ló ń gba ohùn sórí tépù. Tépù lè yọ̀ tàbí kí ó fà, mọ́tò méjèèjì kì í sì í sáré dọ́gba. Ẹ̀rọ Nagra tí Stefan Kudelski ṣe ní Siwisalandi wá ojútùú sí i: ó ń gba àmì láti ara kámẹ́rà sórí tépù kan náà pẹ̀lú ohùn, àmì yìí ni wọ́n sì fi ń tún eré tépù ṣe.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì VHS dé, ohùn àti àwòrán jọ wà lórí tépù kan, ìṣòro náà sì rọlẹ̀. Ó tún padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kékeré òde òní, nítorí pé òun àti kámẹ́rà ní aago inú tiwọn, ooru sì lè yí eré aago padà.

Àtúnṣe

Ká ní a gba ijó dùndún sílẹ̀ fún wákàtí méjì ní Ilé-Ogbó. A pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí. Nínú fídíò, ìṣẹ́jú-àáyá 7200 ló wà láàárín àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn. Nínú ohùn, 7199.64 ni. Ohùn ti fi 0.36 ṣáájú, èyí tó jẹ́ àwòrán 9 nínú 25 tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. A ó pín 7199.64 sí ọ̀nà 7200, yóò jẹ́ 0.99995. Òun ni a ó fi fa ohùn gùn:

```
ffmpeg -i ohun.wav -af atempo=0.99995 ohun2.wav
```

Kí a tó ṣe èyí, kí a wo àtẹ́wọ́ àárín. Bí ìyàtọ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ 0.18, aago ló fà á, àtúnṣe yìí yóò sì ṣiṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ti pàdánù ohùn díẹ̀ níbì kan. A ó wá ibẹ̀ kàn, a ó gé ohùn níbẹ̀, a ó sì tò ó ní abala-abala.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí kò pàtẹ́wọ́ ní ìparí kò ní ohun tí yóò fi wọn ìyàtọ̀, àfi kí ó wá ìró ìlù kan tí ọwọ́ onílù hàn kedere nínú àwòrán.